Nígbà Tí Ọmọ Tó Ń Rìn Bá Pa Ẹnu Dé



Ẹjọ́ kan wà tí mo máa ń gbọ́ nídìí òṣùwọ̀n ọmọ ju gbogbo ẹjọ́ yòókù lọ. Ìyá á gbé ọmọ ka orí òṣùwọ̀n, kò ní dúró kí n kà á tán kó tó sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yìí ò jẹun mọ́." Tí mo bá bi í pé láti ìgbà wo, èsì rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tó ṣáájú rẹ̀. Ọmọ tó ń lá àwo ògì mọ́ nígbà tó wà lóṣù mẹ́sàn-án, tó tún ń sunkún pé òun fẹ́ sí i, bó ṣe pé ọdún kan tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn báyìí, ó dà bíi pé wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Síbí á dé ẹnu rẹ̀, á yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá tún gbé e dé, á fọwọ́ gbá a dànù. Lọ́jọ́ kejì, ó lè jẹ ẹ̀wà bíi pé ebi ọjọ́ mẹ́ta ló ń pa á, kó sì tún di ọjọ́ kẹta kó má fẹ́ rí ẹ̀wà sójú.

Ohun tí mo wá sọ lónìí ni pé, nínú ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ń gbé wá pẹ̀lú ẹjọ́ yìí, kò sí àrùn kankan lára wọn. Ara wọn ló ti yí ìṣirò rẹ̀ padà, àwa àgbà ni a ò tíì yí tiwa. Ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ wà láàárín wọn tí nǹkan ń ṣe ní tòótọ́, àwọn yẹn kò sì gbọ́dọ̀ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Báwo ni a ṣe ń mọ ìkíní yàtọ̀ sí ìkejì? Òun ni a jọ máa yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí òṣùwọ̀n. Àwọn ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2006 fi hàn pé ọmọkùnrin tó wà ní àárín gbùngbùn máa ń wọn kílò 3.3 nígbà tí wọ́n bí i. Nígbà tó bá pé ọdún kan, ó ti di kílò 9.6. Ìyẹn ni pé ó fi kílò mẹ́fà àti díẹ̀ kún ara rẹ̀ láàárín ọdún kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n tí ó bá pé ọdún méjì, kílò 12.2 ni. Gbogbo ohun tó fi kún un ní ọdún kejì kò tó kílò mẹ́ta. Ti ọmọbìnrin náà kò yàtọ̀: láti kílò 3.2 sí 8.9 ní ọdún kìíní, láti 8.9 sí 11.5 ní ọdún kejì. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ láyé, ọmọ lè fi nǹkan bíi kílò kan kún ara lóṣù. Ní ọdún kejì, igba gíráàmù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ló ń fi kún un lóṣù, ó sì lè wà lórí ìwọ̀n kan náà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó tún gbéra.

Ibi tí oúnjẹ ń lọ nínú ara ló yí padà. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára tí ọmọ ń rí nínú ọmú ni ara rẹ̀ fi ń kọ́ ẹran ara tuntun. Nígbà tí ó bá fi pé ọdún kan, ohun tó ń lọ sídìí ìdàgbà kò ju bíi 3 nínú 100 lọ. Ìyókù ni ó fi ń mí, tó fi ń ronú, tó fi ń sá káàkiri yàrá. Ọmọ náà tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwa sì rò pé oúnjẹ rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa pọ̀ sí i bí ara rẹ̀ ṣe ń tóbi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ara tó ń yára kọ́lé ti dẹwọ́, ebi tó ń gbé e ṣiṣẹ́ náà sì dẹwọ́.

Ohun kejì tún wọlé lákòókò yẹn gan-an. Ọmọ ti mọ ìrìn. Ó ti rí i pé òun lè kúrò níbi tí wọ́n gbé òun sí. Jíjókòó fún ogún ìṣẹ́jú níwájú abọ́ jẹ́ ìdíwọ́ fún un, nítorí ìlẹ̀kùn wà, bàtà bàbá wà, adìyẹ alájọgbé wà. Ó tún ti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé "rárá," ibi tó sì ti lágbára jù láti sọ ọ́ ni ẹnu ara rẹ̀.

Mo fẹ́ ká mú ọjọ́ kan nínú ayé ọmọ kan, ká sì ṣírò rẹ̀ pọ̀. Ẹ wo ọmọbìnrin oṣù méjìdínlógún tó wọn kílò mẹ́wàá, èyí tó dára fún ọjọ́ orí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń di ẹrù ní ilé iṣẹ́ kan ní Acme Road, ní Ọ̀gbà, wọ́n sì ń gbé ní ẹ̀yìn Pẹ́ẹ̀nì Sinimá ní Agége. Ó ní láti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ kí aago méje tó lù. Nítorí náà, aago márùn-ún àbọ̀ ni ó ń gbé ọmọ lọ fún olùtọ́jú, ó sì máa ń di aago méje alẹ́ kí ó tó padà gbà á. Ọmọ náà ṣì ń mu ọmú lóru àti ní ìdájí, ọmú yẹn sì ń fún un ní nǹkan bíi 300 kálórì. Ìyá fi páàkì bisikíìtì kékeré kan sínú báàgì rẹ̀, oríṣi èyí tó tó 50 gíráàmù. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi 230. Ó fi ohun mímu aládùn kan sí i, èyí tí ọmọ ń fà díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀ títí di ọ̀sán. Ìyẹn jẹ́ 100. Ní aago mẹ́rin, olùtọ́jú gé búrẹ́dì Agége fún un, nǹkan bíi 160 kálórì. Oúnjẹ ọ̀sán tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ ńkọ́? Kò fọwọ́ kàn án, nítorí ohun mímu ti kún inú rẹ̀.

Ẹ bá mi rò ó pọ̀: 300, 230, 100 àti 160 jẹ́ 790. Ọmọ tó wà láàárín ọdún kan sí méjì nílò nǹkan bíi 900 kálórì lójúmọ́. Ohun tó ṣẹ́ kù fún un láti jẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn kò ju bíi 110 lọ, òkèlè kéékèèké díẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ sì ti tó bẹ́ẹ̀. Ìyá dé pẹ̀lú àárẹ̀ ọjọ́, ó ro àmàlà, ó gbé ewédú àti ẹja sí i, ó jókòó ti ọmọ pẹ̀lú ìfẹ́. Ọmọ jẹ òkèlè mẹ́rin, ó yí orí. Ojú ìyá rẹ̀wẹ̀sì. "Láti àárọ̀, ọmọ yìí ò tíì jẹ nǹkan kan," ni ohun tó wí fún mi nídìí òṣùwọ̀n.

Ìyá yẹn kò purọ́. Ohun tó ń pè ní oúnjẹ ni ohun tí a gbé ka iná, tí a fi abọ́ bù. Ṣùgbọ́n ara ọmọ ka bisikíìtì, ó ka ohun mímu, ó ka búrẹ́dì, ó sì ka ọmú. Ara rẹ̀ ti ṣírò dé ibi tó yẹ kó dé. Ibi tí ìṣòro wà ni pé ohun tó fi kún inú rẹ̀ kò ní irin tí ẹ̀jẹ̀ fi ń pọ́n, kò ní síǹkì, kò sì ní èròjà tó ń kọ́ ara tó bó ṣe yẹ. Ẹja, ẹyin, ẹ̀wà àti ewébẹ̀ tí nǹkan wọ̀nyí wà nínú wọn ló dé lẹ́yìn, nígbà tí àyè ti tán. Mílíìkì náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọ. Mo ti rí ọmọ ọdún méjì tó ń mu ife tíì onímílíìkì mẹ́rin, márùn-ún lójúmọ́, tí ìyá rẹ̀ sì ń wá oògùn tí yóò jẹ́ kí ó jẹun. Lẹ́yìn ọdún kan, mílíìkì tó bá ti ju 500 mìlílítà lọ lójúmọ́ ń gba àyè oúnjẹ, ó sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ dín kù.

Ṣé a lè gbẹ́kẹ̀ lé ọmọ kékeré pé ó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀? Ìbéèrè yìí ti pẹ́. Dókítà Clara Davis ní Amẹ́ríkà gbé e yẹ̀ wò láti nǹkan bíi 1926, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1928. Ó gbé oríṣiríṣi oúnjẹ síwájú àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, ó sì pàṣẹ fún àwọn nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n má ṣe rọ ọmọ kankan, kí wọ́n má sì yàn fún un. Ohun tí ọmọ bá nawọ́ sí nìkan ni kí wọ́n fún un. Àwọn ọmọ yẹn ń jẹ lọ́nà tó lè mú orí ìyá yí. Èyí á jẹ ẹyin púpọ̀ lónìí, kó má wò ó lọ́la. Síbẹ̀ wọ́n dàgbà dáadáa. Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí sábà máa ń gbàgbé apá kan nínú rẹ̀: kò sí ṣúgà lórí tábìlì Davis, kò sí bisikíìtì. Ẹran, ẹyin, ẹja, èso, ewébẹ̀, ọkà àti mílíìkì ni. Àgbà ló yan ohun tó wà nílẹ̀, ọmọ ló yan iye tó máa jẹ.

Ní 1991, Leann Birch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn gbogbo oúnjẹ tí àwọn ọmọ ọdún méjì sí márùn-ún ń jẹ láàárọ̀ ṣúlẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n rí i pé ìwọ̀n tí ọmọ ń jẹ láti ìgbà oúnjẹ kan sí òmíràn ń ṣe ségesège gan-an. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ lójúmọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba láti ọjọ́ dé ọjọ́. Ọmọ tó jẹ díẹ̀ láàárọ̀ á fi ọ̀sán dí i. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má fi abọ́ kan ṣe ìdájọ́ ọmọ. Ẹ wo ọ̀sẹ̀ kan lápapọ̀.

Nǹkan mìíràn wà tó ń ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ọdún kan àbọ̀, ó sì yàtọ̀ sí pé ebi ò pa ọmọ. Ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù oúnjẹ tí kò mọ̀. Ewébẹ̀ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ kọ̀, pàápàá èyí tó bá korò díẹ̀, àti ohunkóhun tí àwọ̀ rẹ̀ tàbí bó ṣe rí lẹ́nu bá yàtọ̀. Bí ẹ̀fọ́ bá kan ìrẹsì rẹ̀, ó lè kọ gbogbo àwo náà. Èyí máa ń le láàárín ọdún méjì sí mẹ́fà, lẹ́yìn náà ni ó máa ń rọ̀. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé ààbò ni: ọmọ tó ti lè rìn lọ sínú igbó, tó lè já ewé kan fi sẹ́nu, sàn kó máa fura sí ohun tí kò mọ̀.

Ọ̀nà àtiborí rẹ̀ ni kí ó máa rí oúnjẹ náà lemọ́lemọ́ láìsí ìjà. Ẹ fi ẹ̀fọ́ díẹ̀, ìwọ̀n ọmọ ìka kan, sí ẹ̀gbẹ́ àwo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó rí yín bí ẹ ṣe ń jẹ ẹ́. Bó bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, bó bá fi kan ètè tó tún tu ú, ẹ má bá a wí. Ó lè gba ìgbà mẹ́jọ, ó lè tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ọmọ tó gbé e mì. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta, a sì sọ pé, "Ọmọ mi ò fẹ́ràn ẹ̀fọ́." A ti dájọ́ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Wàyí o, ẹ̀yin ìyá àgbà mi, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa rírọ ọmọ. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló wà nídìí rẹ̀. Ẹ ti rí ìgbà tí ọmọ ń kú lọ́wọ́ ìyá nítorí ebi, ẹ kò sì fẹ́ rí i mọ́. Gbogbo wa mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí itan, wọ́n á fi ẹsẹ̀ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, wọ́n á fi ọwọ́ kan ṣe kòtò sí ẹnu rẹ̀, wọ́n á da ògì sí i. Bí kò bá gbé e mì, wọ́n á fún un nímú kí ó lè la ẹnu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ́tí gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́nà ọ̀fun ní àkókò yẹn. Ọmọ tí imú rẹ̀ dí máa fi ẹnu mí. Ọmọ tó ń sunkún máa fa afẹ́fẹ́ sínú pẹ̀lú agbára. Ojú ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ṣí sílẹ̀ gbàgà lákòókò yẹn, ògì á sì bá a wọlé. Ó di inú ẹ̀dọ̀fóró. Ọmọ lè kọ́ ikọ́ títí ojú rẹ̀ á fi dúdú, ó lè di òtútù àyà lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó sì lè kú lórí itan náà. Ìdílé tí èyí ti ṣẹlẹ̀ sí kì í bọ̀rọ̀ bọ́ nínú rẹ̀.

Bí kò tilẹ̀ dé ibẹ̀, rírọ ń ba nǹkan kan jẹ́ tó ṣòro láti tún ṣe. Ọmọ ní ohun kan nínú ara rẹ̀ tó ń sọ fún un pé "ó tó." Tí a bá ń borí ohùn yẹn lójoojúmọ́, ọmọ á kọ́ pé abọ́ túmọ̀ sí ìjà. Ó rí síbí lókèèrè, ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Ọmọ tó ń bẹ̀rù kì í rí oúnjẹ jẹ, kódà bí ebi bá ń pa á. Bẹ́ẹ̀ ni àwa, tí a rò pé òun ni kò fẹ́ jẹun, ń fi kún ohun tí a ń sá fún. Bíbẹ ọmọ pẹ̀lú fóònù tó ń ṣe kátúùnù kò sì yàtọ̀ púpọ̀ sí i: ẹnu ń ṣí, ṣùgbọ́n ọmọ kò mọ̀ pé òun ń jẹun, kò sì ní mọ ìgbà tí òun yó.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ rọrùn, ṣùgbọ́n ó gba sùúrù. Ẹ fún ọmọ ní oúnjẹ mẹ́ta sí mẹ́rin àti ìpápánu kan tàbí méjì lójúmọ́, kí nǹkan bíi wákàtí méjì sí mẹ́ta wà láàárín wọn, kí ó má sì sí ohun mìíràn láàárín ìgbà yẹn ju omi lọ. Ẹ bù ú níwọ̀nba. Inú ọmọ tó wọn kílò mẹ́wàá kò gbà ju nǹkan bíi 300 mìlílítà lọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà abọ́ tó kún ń dẹ́rù bà á lásán. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú síbí díẹ̀, kó bèèrè fún ìyókù. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n, ẹ gbé abọ́ kúrò láìbínú, kí ẹ má sì fi bisikíìtì rọ́pò ohun tó kọ̀. Ìgbà tí oúnjẹ tó kàn bá tó, á tún rí oúnjẹ.

Nítorí inú rẹ̀ kéré, ohun tó wọlé gbọ́dọ̀ lágbára. Ibí yìí ni ògì wa ti ń já wa kulẹ̀. Ògì tó ṣàn bí omi, ife rẹ̀ kan lè má tó 100 kálórì, bẹ́ẹ̀ ó ti kún inú ọmọ fọ́fọ́. Ẹ rò ó kó ki tó pé yóò dúró lórí síbí. Síbí kékeré kan òróró tàbí epo pupa fún un ní nǹkan bíi 40 kálórì. Síbí ńlá kan ìyẹ̀fun sóyà tàbí mílíìkì ìyẹ̀fun náà tún súnmọ́ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ti sọ ọ́ di ìlọ́po méjì láìfi omi kún un. Kì í ṣe ọgbọ́n òkèèrè. Nítòsí wa níbí, ní Oshodi, ni ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí iṣẹ́ ẹ̀rọ tí a mọ̀ sí FIIRO wà láti 1956, ibẹ̀ sì ni Akinrele àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe ògì oní-sóyà jáde, tí wọ́n fi ìdá méje nínú mẹ́wàá ṣe àgbàdo, tí mẹ́ta tó kù jẹ́ sóyà. Ẹ lè ṣe irú rẹ̀ nílé. Ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé ẹ kọ́kọ́ se sóyà dáadáa tàbí kí ẹ yan án jinná kí ẹ tó lọ̀ ọ́, nítorí èyí tí kò jinná ń dí dídà oúnjẹ lọ́wọ́ nínú ọmọ, ó sì ń da inú rẹ̀ rú.

Ọmọbìnrin ará Agége wa yẹn ńkọ́? A kò sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó fi iṣẹ́ sílẹ̀. A ní kó gbé ẹyin sísè kan àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ sínú báàgì dípò bisikíìtì, kó fi omi rọ́pò ohun mímu aládùn, kó sì di mọ́ínmọ́ín tàbí ìrẹsì àti ẹ̀wà rírún pẹ̀lú ẹja sínú abọ́ fún ọ̀sán. Búrẹ́dì aago mẹ́rin lè dúró, ṣùgbọ́n kí ó kéré. Òkèlè alẹ́ lè má ju mẹ́rin náà lọ. Ìyàtọ̀ ni pé ní báyìí, mẹ́rin náà tó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa oògùn olómi tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì pé ó ń mú ọmọ jẹun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní sìpirohẹptadíìnì nínú, oògùn ara yíyún ni, kì í ṣe ti ebi. Ó ń mú ọmọ sùn, oúnjẹ lè wù ú díẹ̀ nígbà tó bá ń lò ó, bó bá sì dá a dúró, ó máa ń padà sí bó ṣe wà. Bí ẹ̀jẹ̀ ọmọ bá kéré, bí aràn bá wà nínú rẹ̀, oògùn yìí á bo àmì rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni. Ẹ má rà á láìsí dókítà níbẹ̀.

Báwo wá ni a ṣe ń mọ ọmọ tí nǹkan ń ṣe? Káàdì ìwọ̀n. Ẹ máa rántí pé ilẹ̀ Yorùbá ni káàdì yẹn ti gbilẹ̀ dé gbogbo ayé. Dókítà David Morley tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, tó sì dá ilé ìtọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé ní ìparí àwọn ọdún 1950, ló ń tọ ipa ìwọ̀n àwọn ọmọ abúlé yẹn lóṣooṣù. Ohun tó fi kọ́ wa ni pé ìlà ìwọ̀n ń sọ̀rọ̀ kí ojú tó rí ohunkóhun. Ìlà tó ń gòkè, bó tilẹ̀ ń rọra gòkè, tó bá ń tẹ̀lé ipa ọ̀nà rẹ̀, ọmọ náà wà ní àlàáfíà, òkèlè mẹ́rin tàbí mẹ́wàá ni ó jẹ. Ìlà tó dúró sójú kan fún oṣù méjì sí mẹ́ta, tàbí tó ń sọ̀kalẹ̀, kí ìyá gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Gbogbo ilé ìlera alábọ́dé tó wà ní àdúgbò wa ló ní òṣùwọ̀n. Ẹ má jáwọ́ nínú ìwọ̀n nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára oṣù mẹ́sàn-án bá parí. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ìyá ti ń sọ káàdì nù, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ìgbà tí ọmọ ń yí padà bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ilé ìlera yẹn tún ní ribọ́nì ìwọ̀n apá. Láti oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún, apá òkè ọmọ kò gbọ́dọ̀ kéré sí sẹ̀ǹtímítà 12.5 yí ká. Bó bá kéré sí i, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Bó bá kéré sí 11.5, tàbí tí ẹsẹ̀ méjèèjì bá wú tí ìka sì ń fi ojú ihò sílẹ̀ níbẹ̀, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà.

Ẹ tún máa wo inú ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ àti àtẹ́lẹwọ́ ọmọ. Bó bá funfun, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré. Ọmọ tó ń bu yẹ̀pẹ̀ jẹ lójoojúmọ́ náà, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó nà án. Irin tí kò tó nínú ara ń pa ìfẹ́ oúnjẹ, oúnjẹ tí kò jẹ sì ń dín irin kù sí i. Ọmọ kò lè fúnra rẹ̀ jáde nínú ìyípo yẹn. Bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá le bíi òkúta, bó bá ń sunkún nígbà tó ń yàgbẹ́, ó lè máa sá fún oúnjẹ nítorí ìrora ìsàlẹ̀, kì í ṣe nítorí ẹnu.

Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lójijì ni mo fẹ́ kí ẹ fi ojú tó yàtọ̀ wò. Ìyípadà tí mo ti ń sọ bọ̀ máa ń rọra wọlé ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọmọ á sì máa ṣeré. Ọmọ tó jẹun dáadáa láàárọ̀, tó wá kọ̀ pátápátá ní ọ̀sán, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí kò lè gbé omi mì, ó lè ti gbé nǹkan mì: owó ẹyọ, tàbí bátìrì kékeré pẹlẹbẹ inú àwọn ohun ìṣeré, èyí tó lè jó ọ̀nà oúnjẹ láàárín wákàtí mélòó kan. Ẹ má fún un ní epo, ẹ má jẹ́ kó bì. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, LASUTH ní Ìkẹjà, bí ẹ bá wà nítòsí. Ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, tí kò fẹ́ ọmú, tí kò fẹ́ omi, tí kò tọ̀ fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ, tàbí tó ń sùn ṣáá láìdáhùn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ṣe àyànjẹ. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ibà fún un. Ẹ wo ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú iná: funfun tó lẹ̀ mọ́ ahọ́n, egbò lára gọ̀ọ́mù, eyín tó ń hù.

Lẹ́yìn tí àìsàn bá lọ, oúnjẹ ọmọ kì í yára padà sípò. Ó lè gba ọjọ́ mélòó kan. Ẹ jẹ́ kí ó mu ọmú nígbà tó bá fẹ́, ẹ fún un ní díẹ̀díẹ̀ lemọ́lemọ́, kí ẹ sì fi oúnjẹ kan kún ti ojoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lákòókò yẹn, ebi rẹ̀ lè wá ju bó ṣe máa ń rí lọ, tó fi jẹ́ pé á máa bèèrè ju ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ara rẹ̀ ló ń wá ohun tó sọ nù. Ẹ bù ú fún un.